Ohun Tó Ń Wọ́ Bọ̀ Lọ́dẹ̀dẹ̀: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ìró Fún Fíìmù Adẹ́rùbani

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Fíìmù kúkúrú ni. Ìran tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò pé ìṣẹ́jú 4. Ọmọbìnrin kan wà nínú yàrá rẹ̀ lóru, nínú ilé fésì-mi-kí-n-fésì-ẹ kan n'Ìbàdàn, iná ti lọ. Ohun kan gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kámẹ́rà kò kúrò nínú yàrá. Ojú ọmọbìnrin náà, ilẹ̀kùn, àti àlàfo tí kò ju ìka méjì lọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, òun nìkan ni òǹwòran máa rí. Owó tí wọ́n lè fi ṣe abàmì ẹ̀dá tó ṣeé wò kò sí, olùdarí sì sọ ọ́ fún mi láìfi bò.

Àìsówó yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí Steven Spielberg ń ya Jaws lórí omi òkun lẹ́bàá erékùṣù Martha's Vineyard, ṣáàkì onírin tí wọ́n kọ́ fún un ń kọṣẹ́ lemọ́lemọ́, omi iyọ̀ ń ba ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́. Ó di dandan kó máa ya omi lásán, kí orin John Williams sì máa ṣojú ẹja. Nóòtì méjì tó fara kan ara wọn ni, E àti F, lórí àwọn ohun èlò olókùn tó ní ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí fíìmù náà jáde ní 1975, ó lé ní wákàtí kan kí òǹwòran tó rí ojú ẹja náà dáadáa, gbogbo èèyàn sì ti ń bẹ̀rù rẹ̀ tipẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú ìran yìí kò pọ̀. Tí etí bá gbọ́ ìró, ó máa ń wá ara tó ni ín: báwo ló ṣe tóbi tó, báwo ló ṣe jìnnà tó, ibo ló kọjú sí. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn kedere, kí n sì kọ̀ láti dáhùn ẹ̀kẹrin, ìyẹn, kí ni? Ọ̀pọ̀ fíìmù wa máa ń ṣe é lódìkejì. Wọ́n á da orin burúkú bo gbogbo ìran, òǹwòran á mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kóun bẹ̀rù, àmọ́ kò ní mọ ibi tí ohun tó yẹ kóun bẹ̀rù wà.

Ilé ló kọ́kọ́ dún

Ìró tí wọ́n gbà níbi ìyàwòrán kò wúlò, nítorí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi tan iná wà lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Mo padà sí ilé náà lóru, mo gbé rẹ́kọ́dà sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọbìnrin náà, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì jókòó síta kí èémí mi má bàa wọ inú rẹ̀. Ìró yàrá tó ṣófo ni mo kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn ìyẹn mo gba ìrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò láti òkèèrè, àti omi tó ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ táǹkì sínú korobá. Mẹ́rin náà wà lórí tíráàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú REAPER, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to ìró.

Kò sí èyí tó dẹ́rù bani nínú wọn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n mọ́ etí lára débi tí òǹwòran ò fi ní gbọ́ wọn mọ́. Tí mo bá yọ ọ̀kan kúrò ló tó máa mọ̀ pé ó ti ń dún tẹ́lẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ pa. Kò sẹ́ni tíyẹn máa bà lẹ́rù, epo ló tán, gbogbo wa la mọ ìró jẹnẹrétọ̀ tó ń kú lọ. Àmọ́ ó ti ṣí àyè sílẹ̀, ó sì ti kọ́ etí pé ìró lè lọ. Ìrẹ̀ ló kàn. Ẹni tó bá ti wá ìrẹ̀ kiri lóru nígbà èwe mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá ti sún mọ́ ọn, ó máa dákẹ́, èyí tó wà lókèèrè á sì máa dún lọ. Mo ti gba ìrẹ̀ náà sí òsì àti ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo jẹ́ kí ti òsì dákẹ́, bí ìṣẹ́jú àáyá 4 lẹ́yìn náà, ti ọ̀tún dákẹ́, ti òsì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fi hẹ́dífóònù sétí á mọ̀ pé nǹkan kan ti gba ẹ̀yìnkùlé kọjá láti òsì sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ nǹkan náà fúnra rẹ̀ kò tíì dá ìró kankan. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Omi tó ń kán ni mo fi sílẹ̀, nítorí mo nílò ohun kan tí yóò máa ka àkókò fún òǹwòran.

Ohun kan wà tó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún níbí. Ìdákẹ́jẹ́ inú fíìmù kì í ṣe àìsí ìró. Tí ẹ bá pa gbogbo tíráàkì títí dé òdo, òǹwòran á gbé fóònù rẹ̀ wò, á rò pé fáìlì ló bàjẹ́ tàbí pé hẹ́dífóònù ti yọ. Ìró yàrá tó ṣófo gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ títí dé òpin, kódà bó bá rẹlẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun gbọ́ ọ. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo máa ń pa á lójijì nígbà tí ẹlòmíì ń gbọ́: tí ẹni náà bá gbójú sókè, a jẹ́ pé ìró náà ń ṣiṣẹ́.

Ara tí kò lójú

Olùdarí fẹ́ kí ohun náà bú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bú ramúramù lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn.” Mo ṣe é fún un. Mo da ohùn kìnnìún pọ̀ mọ́ ti màlúù, mo fà á sísàlẹ̀, mo sì ní kó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ náà gbọ́, ó ní, “Kìnnìún ni àbí?” Ara rẹ̀ sì balẹ̀. Bí òǹwòran bá ti rí orúkọ sọ ohun kan, ó ti mọ bó ṣe máa bẹ̀rù rẹ̀ àti ibi tó máa ti dáwọ́ dúró. Àbúrò mi olùdarí gbà pé ká yọ bíbú náà kúrò.

Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni àpò sìmẹ́ńtì tí mo kó yanrìn tútù sí, tí mo ń wọ́ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Fún èémí, mo fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu akèrègbè ńlá kan láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà. Fún èékánná, èèpo àgbọn ni. Mo fi máíkì sí nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí ohun tó ń dún, mo sì gbà á ní 96 kHz, ìyẹn ìwọ̀n ìró 96,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí n lè dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì. Tí wọ́n bá dín eré ìró kù sí ìdajì, ohùn rẹ̀ á fi ọ̀kítéèfù kan lọ sísàlẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ á sì gùn ní ìlọ́po méjì. Ohun méjèèjì ni etí fi ń wọn ara: ẹranko ńlá ní ohùn ìsàlẹ̀, kì í sì í yára gbéra. Àṣẹ tí mo fún ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fáìlì ìró padà, kò ju báyìí lọ:

```
ffmpeg -i apo.wav -af "asetrate=48000" apo_idaji.wav
```

Fáìlì tí wọ́n gbà ní 96 kHz, tí a wá sọ fún ẹ̀rọ pé 48 kHz ni, á dún ní ìdajì eré. Ìró tínrín tó wà lókè ohun tí etí èèyàn ń gbọ́ á sọ̀kalẹ̀ wá síbi tí a ti lè gbọ́ ọ, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ìró náà kú, bí máíkì bá lè gbà á. Tí a bá lọ sí ìdá mẹ́rin, ó máa ń di ohùn kásẹ́ẹ̀tì tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ tán, kò sì sẹ́ni tó máa bẹ̀rù ìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni yàrá tí wọ́n ti gba ìró. Bí ògiri bá dá ìró padà sínú máíkì, ìdápadà náà á di ìlọ́po méjì pẹ̀lú rẹ̀, yàrá kékeré á wá dún bíi gbọ̀ngàn, etí á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n fa nǹkan gùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bẹ́ẹ̀dì dúró ti ògiri, tí mo sì fi aṣọ òkè àti ìbora yí ara mi ká.

Lẹ́yìn náà ni mo wá tò ó. Wíwọ́ ẹyọ kan ní ipa mẹ́ta: àpò kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó ṣí, ó wọ́, ó sì tún jókòó. Àwọn tó ń ṣe ìró máa ń gé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn dànù kí ìró lè bá àwòrán mu, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìwúwo wà. Ohun tó wúwo kì í ṣí lójú ẹsẹ̀. Mo fi ìró yanrìn wẹ́wẹ́ tó ń fọ́, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan, síwájú wíwọ́ kọ̀ọ̀kan. Gbàrà tí mo ṣe é, àpò yanrìn di ohun tó ń fi agbára gbé ara rẹ̀.

Ní ti èémí, ìwádìí kan wà tí Luc Arnal, David Poeppel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2015. Wọ́n fi hàn pé ohun tó ya igbe èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ sísọ ni pé agbára ohùn igbe máa ń lọ sókè sódò lọ́nà tó yára gidi, láàárín ìgbà 30 sí 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí máa ń gbọ́ ọ bí ohun tó há, tó rí ṣákaṣàka, ó sì máa ń ta ibi tó ń ṣiṣẹ́ ìbẹ̀rù nínú ọpọlọ jí. Mo fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí èémí akèrègbè náà:

```
ffmpeg -i emi.wav -af "tremolo=f=70:d=0.4" emi_sakasaka.wav
```

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lò ó, níbi tí ohun náà ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tó bá wà nínú gbogbo èémí, etí á ti mọ̀ ọ́n kó tó débẹ̀.

Mítà 14

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà gùn tó mítà 14 láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé dé yàrá ọmọbìnrin náà. Ohun tó rọrùn jù ni kéèyàn máa gbé ìró sókè bí ohun náà ṣe ń bọ̀. Àmọ́ èyí kì í tan etí jẹ. Ó máa ń dún bí ẹni tó ń yí fọ́lúùmù rédíò sókè, nítorí nínú ilé, ìró méjì ló ń dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tó wá tààrà, àti èyí tó ti lu ògiri kó tó dé. Tí ohun náà bá rìn dé ìdajì ọ̀nà, èyí tó wá tààrà á fi nǹkan bí 6 dB, ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára ìró, lé sí i. Èyí tó ń lu ògiri kò ní yí padà púpọ̀, nítorí ògiri kan náà ni. Láti mítà 14 sí 7, sí 3.5, sí nǹkan bí 1.75, ó ti di 18 dB lórí tíráàkì ìró tààrà, tíráàkì ìró ògiri sì dúró síbi tó wà. Bí ìwọ̀n àwọn méjèèjì ṣe ń yí padà ni etí fi ń mọ ọ̀nà jíjìn.

Láti rí ìró ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gan-an, mo bẹ́ bàlúùnù ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, rẹ́kọ́dà sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì, nígbà mìíràn pẹ̀lú rẹ̀ ní ṣíṣí. Mo gbé ìró bàlúùnù náà sínú ReaVerb, irinṣẹ́ inú REAPER tó ń fi ìró ibì kan wọ ìró mìíràn, gbogbo ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ sì ń jáde bí ẹni pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló ti dún. Kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà tó lè bá a dọ́gba. Ilé yìí ní páànù kan tó tú lórí òrùlé, ó máa ń gbọ̀n tín-ín-rín tí báàsì bá kàn án, gbígbọ̀n yẹn sì wà nínú ìró bàlúùnù náà láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀kùn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Igi máa ń jẹ́ kí báàsì kọjá, ó sì ń dá ìró tínrín dúró, nítorí náà ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gba inú asẹ́ kan tó gé ohun tó ga ju bí 700 Hz, ìyẹn ìgbọ̀n 700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lọ. Wíwọ́ náà ń sún mọ́ tòsí, ó ń pọ̀ sí i, àmọ́ ó ṣì rí bọ́-ǹ-bọ́ bí ohun tí wọ́n dì sínú aṣọ. Nígbà tó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò fi ohunkóhun kún fọ́lúùmù. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ṣí asẹ́ náà, fún èémí nìkan. Ìró tínrín tí a kò tíì gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran jáde lójijì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn ló ń gbà wọlé. Etí mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ojú tó mọ̀: ohun náà ti gbé ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí John Neuhoff, olùwádìí nípa bí etí ṣe ń gbọ́ràn, rí ní 1998 wúlò fún bí mo ṣe pín àkókò. Tí ìró bá ń pọ̀ sí i, tí òmíràn sì ń dín kù ní ìwọ̀n kan náà, àwọn èèyàn máa ń rò pé èyí tó ń pọ̀ sí i ló yí padà jù. Ara wa kò fẹ́ràn ohun tó ń bọ̀. Nítorí náà, mi ò jẹ́ kí ohun náà padà sẹ́yìn nígbà kankan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń bọ̀, tàbí kó dúró.

Dídúró yẹn, ọ̀dọ̀ Cat People ni mo ti kọ́ ọ, fíìmù tí Jacques Tourneur darí fún Val Lewton, ẹni tó gbé e jáde, ní 1942. Obìnrin kan ń dá rìn lóru lẹ́bàá Central Park ní New York, obìnrin kejì ń tẹ̀ lé e, a sì fura pé ẹni kejì yìí máa ń di àmọ̀tẹ́kùn. Orin kankan kò sí níbẹ̀, ìró bàtà wọn méjèèjì nìkan ni, kò, kò, kò, lórí òkúta. Lẹ́yìn náà bàtà kejì dákẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n fi hàn wá. Obìnrin iwájú wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni, ó wá ń sáré. Bí bàtà yẹn ṣe dákẹ́ ló dẹ́rù bani, nítorí ó túmọ̀ sí pé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò wọ bàtà mọ́.

Láti lè lo irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀, òǹwòran gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìlù náà. Wíwọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá 2 àti ààbọ̀ sí ara wọn, láìyẹsẹ̀. Ẹ̀kẹrin pẹ́ díẹ̀. Àwọn tó ń wò ó máa ń mí sínú níbẹ̀, mo ti wo ojú wọn. Ẹ̀karùn-ún wá lásìkò, ìyẹn ló tàn wọ́n. Ẹ̀kẹfà kò wá mọ́.

Orin, àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ sí

Olùdarí fẹ́ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fún un ní ibi méjì péré, méjèèjì ṣáájú ọ̀dẹ̀dẹ̀: ìgbà tí ewúrẹ́ ilé náà kígbe lẹ́yìnkùlé tó sì dákẹ́, àti ìgbà tí ìrẹ̀ ń dákẹ́ láti òsì sí ọ̀tún.

Gòjé ni mo lò. Bàbá kan tó ń ta á nínú ẹgbẹ́ sákárà jókòó fún mi, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ta orin kankan, kí wọ́n kàn fi ọ̀já irun ẹṣin náà tẹ okùn kíkankíkan. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé. “Ọmọ mi, ìbàjẹ́ lò ń fẹ́ kí n ṣe o.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Tí wọ́n bá tẹ okùn jù, ohùn rẹ̀ máa ń já, ó máa ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, ariwo á sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Irú ìró yìí ni ẹranko ọmọ kékeré máa ń ké tí wọ́n bá mú un. Ní 2010, Daniel Blumstein, tó ti ń gbọ́ igbe àwọn ẹranko igbó láti ọdún pípẹ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìró inú ọ̀pọ̀ fíìmù wò, wọ́n sì rí i pé igbe tó ti já di ariwo báyìí wà nínú fíìmù adẹ́rùbani ju bó ṣe yẹ kó wà lọ tó bá jẹ́ pé èèṣì ni. Ẹni tó ń kọ orin fíìmù kò nílò láti ka ìwé yẹn kó tó ṣe é, etí rẹ̀ ti mọ̀.

Ẹ̀dà méjì gòjé náà ni mo gbé lé ara wọn, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà, mo yí èkejì sókè díẹ̀ tí wọ́n fi ń jà, tí ìró náà ń wú tó sì ń rọlẹ̀ bí ìgbà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Òtítọ́ orin ni ìdí tí mo fi yọ ọ́ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú Jaws, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin méjì fi lẹ́bẹ́ ẹja àtọwọ́dá dẹ́rù ba gbogbo etíkun, nóòtì méjì yẹn kò dún, nítorí kò sí ṣáàkì níbẹ̀. Etí kọ́ ẹ̀kọ́ náà láìmọ̀: orin dún, ẹja wà, orin kò dún, kò sí ewu. Nígbà tí ẹja náà wá gbórí sókè lẹ́yìn ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń da ẹran somi, orin kankan kò kìlọ̀ fún wa, ìyẹn ló mú kí gbogbo ilé sinimá fò sókè. Nínú ìran tèmi, gòjé ti sòótọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ó dákẹ́, òǹwòran sì wà láìní ẹlẹ́rìí.

Ápù Nẹ́pà

Ìgbà tí bàtà kejì ti dákẹ́ nínú Cat People, ohun kan fín gidigidi láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bíi pé ẹran fẹ́ fò mọ́ obìnrin náà. Bọ́ọ̀sì ni, bíréèkì atẹ́gùn rẹ̀ ló dún. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tó ń ṣe fíìmù ti ń pe irú ìjáyà bẹ́ẹ̀ ní bọ́ọ̀sì Lewton. Ẹ̀rù tí kò ní ohunkóhun nínú ni, àmọ́ ó ń tú gbogbo ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ti dì pa.

A ní bọ́ọ̀sì tiwa. Ohun náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, èémí ń gba àlàfo wọlé, omi ń kán. Lẹ́yìn náà èémí dúró. Ìṣẹ́jú àáyá 5. Iná dé. Fáànù ta, tẹlifíṣọ̀n ta, fíríìjì gbọ̀n, gbogbo àgbàlá sì ké lẹ́ẹ̀kan náà: “Ápù Nẹ́pà!”

Ìbẹ̀rẹ̀ ìró yìí ló pinnu bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ìjáyà kì í fi bẹ́ẹ̀ wá láti inú bí ìró ṣe pọ̀ tó. Bó ṣe dé lójijì tó ló jù. Tí mo bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá gbé e wọlé díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mira. Mo gé e lórí ìbẹ̀rẹ̀ “Á” gan-an, mo fi ìró tí tẹlifíṣọ̀n ń dá tí iná bá wọ̀ ọ́, kọ́, síwájú rẹ̀ kó lè mú bí ọ̀bẹ. Ó fi nǹkan bí 20 dB ga ju ìdákẹ́jẹ́ tó wà ṣáájú rẹ̀ lọ, ìyẹn tó. Àwọn tó ń lọ sí 30 ń wá kí òǹwòran bú wọn ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń bẹ lẹ́yìn igbe yẹn ni mo fẹ́ kí òǹwòran bá lọ. Fáànù ń yí, tẹlifíṣọ̀n ń ṣe ìpolówó ọjà, àwọn ọmọdé ń sáré lágbàálá. Ariwo ti dé, a kò sì lè gbọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó fẹ́ gbọ́, kò lè gbọ́. Iná dé, ó sì wá sọ ọ́ di afọ́jú. Mo fi wíwọ́ kan ṣoṣo sábẹ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, ó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tí kò bá wá a kò ní rí i.

Fóònù gbé báàsì mì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó máa wo fíìmù yìí, orí fóònù ni wọ́n ti máa wò ó, sípíkà fóònù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ 300 Hz jáde. Báàsì 55 Hz tí mo fi sábẹ́ wíwọ́ náà, tó ń gbọn àga nínú yàrá mi, kò sí níbẹ̀ rárá. Kéèyàn tó gbé fáìlì sórí fóònù, ó lè gbọ́ bó ṣe máa rí báyìí:

```
ffmpeg -i iran.wav -ac 1 -af "highpass=f=350" foonu.wav
```

Ohun méjì ló hàn. Àkọ́kọ́, ohun náà ti di kékeré, kò ní ìwúwo mọ́. Oògùn rẹ̀ ni pé kí a fún báàsì ní àwọn ọmọ tó wà lókè rẹ̀. Mo gba ìró 55 Hz náà kọjá inú ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ díẹ̀, ó sì bí 110, 165, 220, títí lọ dé 385, 440, 495. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí ni fóònù lè gbé. 55 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ọpọlọ á sì parí ìṣirò náà fúnra rẹ̀, á gbọ́ ìyá tí kò sí níbẹ̀. Kò ní gbọn àga o, àmọ́ ìwúwo náà padà wá.

Èkejì ni ìrẹ̀ tó ń dákẹ́ láti òsì sí ọ̀tún. Lórí sípíkà kan ṣoṣo, òsì àti ọ̀tún kò sí mọ́. Mo wá fún àwọn ìrẹ̀ náà ní ohùn tó yàtọ̀ díẹ̀, ti òsì tínrín, ti ọ̀tún nípọn, kí ẹni tí kò ní hẹ́dífóònù lè gbọ́ pé àwùjọ kan dákẹ́, lẹ́yìn náà òmíràn. Kò dára tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ kò sọnù.

Ibi tí iṣẹ́ dé

A fi han àwọn èèyàn díẹ̀, mo sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣàpèjúwe ohun tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan ní ọ̀nì ni, àmọ́ ó gùn ju ọ̀nì lọ. Òmíràn ní èèyàn tí kò ní ẹsẹ̀ ni. Ìyá kan kọ̀ láti dárúkọ rẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣú. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé ó wúwo àti pé ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Fáìlì tó padà wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to fíìmù pọ̀ ti yí padà. Ó ti tẹ bọ́tìnnì tó ń mú ìró gbogbo dọ́gba fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì gbé ìdákẹ́jẹ́ sókè torí ó rò pé ó kéré jù. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé ìró yàrá á máa wú sókè bí ìdákẹ́ bá ṣe ń gùn, omi á kán bí òkò, “Ápù Nẹ́pà” á sì di ohun lásán nítorí kò ga ju ohun tó ṣáájú rẹ̀ lọ mọ́. Mo ti ní kó pa bọ́tìnnì náà, kó gbé gbogbo ìran sókè tàbí sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má fọwọ́ kan ìwọ̀n tó wà láàárín wọn.

Ohun kan ló kù. Àbúrò fẹ́ fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún ojú ọmọbìnrin náà kí iná tó dé. Ìdákẹ́jẹ́ 5 á di 7, mo sì rò pé òǹwòran á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí padà kí igbe tó dé. Mo ti gé ẹ̀dà méjèèjì, a ó fi han àwọn tí kò tíì rí i.